Oòrùn àti Sátọ́ọ̀nù nínú ilé karùn-ún: iṣẹ́ ọnà, ìfẹ́, eré àti ọmọ

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1993, agogo mẹ́wàá alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Oòrùn àti Sátọ́ọ̀nù ló jọ wà nínú ilé karùn-ún mi. Ẹnì kan sọ fún mi pé Sátọ́ọ̀nù ti ti ilé ọmọ pa, pé ọ̀kan ṣoṣo tí mo bí yìí náà ni. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo máa ń ya, ṣùgbọ́n láti ọdún 2022 mi ò tíì parí aṣọ kan. Bí mo bá sì jókòó ti ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, pé ká ṣeré, kì í pẹ́ tí eré á fi di ẹ̀kọ́, òun náà á sì dìde lọ. Ṣé bí ṣáàtì mi ṣe wí nìyẹn? Ọkọ mi náà ní mi ò kì í ṣeré mọ́."

Arábìnrin mi, ṣáàtì ni àwòrán ojú ọ̀run ní ìṣẹ́jú tí wọ́n bí ènìyàn, tí a pín sí ilé méjìlá. Ẹni tó ka tiyín rí Sátọ́ọ̀nù, ẹ̀rù bà á, kò sì bèèrè pé ilé ta ni Sátọ́ọ̀nù wà. Àmì Apọnmi, tí àwọn ìwé ìròyìn ń pè ní Akuérọ́ọ̀sì, ló wà nínú ilé karùn-ún yín, Sátọ́ọ̀nù gan-an ló sì ni àmì náà. Onílé ló jókòó sínú ilé ara rẹ̀. Oòrùn ni àlejò níbẹ̀. Bí ẹ bá di èyí mú, gbogbo ìyókù á tẹ̀lé e: ilé yìí kò tì, kò sì ṣófo, àmọ́ onílé tó wà níbẹ̀ jẹ́ àgbà tó le, tó fẹ́ kí nǹkan lọ létòlétò, tí kò sì fẹ́ràn ariwo. Àlejò rẹ̀ ní tirẹ̀ fẹ́ kí gbogbo ayé rí òun. Ìjà àwọn méjèèjì yìí lẹ ń rí nínú àdìrẹ, nínú eré ọmọ, àti lọ́dọ̀ ọkọ yín.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ wádìí aago ìbí yín. Ní agogo mẹ́wàá alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọjọ́ náà, àmì Òṣùwọ̀n ló ń yọ ní ìlà oòrùn Ìbàdàn, ní nǹkan bí ìwọ̀n 9 nínú 30 tí àmì kan ní. Àmì tó bá ń yọ ni ilé kìn-ín-ní, ibẹ̀ la ti ń ka ìyókù, ìdí nìyẹn tí Apọnmi fi jẹ́ ilé karùn-ún. Ṣùgbọ́n ní agbègbè wa, ìwọ̀n kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ láti yọ. Bó bá jẹ́ pé agogo mẹ́sàn-án ni wọ́n bí yín, àmì Wúńdíá ló ń yọ nígbà náà, Oòrùn àti Sátọ́ọ̀nù á sì bọ́ sínú ilé kẹfà, ilé iṣẹ́ òòjọ́ àti àìsàn, ìwé kíkà mìíràn pátápátá ni yóò jẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́wàá kò lè ba tiyín jẹ́, àmọ́ ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lè bà á jẹ́. Ẹ wo káàdì ilé ìwòsàn bó bá ṣì wà. Bí kò bá sí, ẹ bi màmá yín léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ má kàn bi í pé aago mélòó. Ẹni tó bá rántí pé wọ́n ń ka ìròyìn agogo mẹ́sàn-án lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ dé ti sọ ohun tó ju "ní alẹ́ ni" lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà pín ilé náà máa ń da àwọn ènìyàn láàmú. Àwọn kan gba pé àmì kan jẹ́ ilé kan ní odidi, àwọn mìíràn ń fi ìṣirò wákàtí pín in, èyí tí ẹ̀rọ ń kọ ní "Placidus". Fún ẹni tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Nínú ṣáàtì yín, ilé karùn-ún bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ìwọ̀n àkọ́kọ́ Apọnmi bí a bá fi wákàtí pín in, Sátọ́ọ̀nù wà ní ìwọ̀n 21, Oòrùn wà ní 25. Ọ̀nà yòówù tí ẹ bá gbà, inú ilé karùn-ún ni wọ́n wà. Ẹni tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù kò lè fọkàn balẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí lọ́hùn-ún, àwọn ilé kan máa ń fẹ̀, àwọn kan á sì há.

Àwọn awòràwọ̀ Gíríìkì àtijọ́ pe ilé karùn-ún ní ilé Oríire, wọ́n sì ní ibẹ̀ ni inú Àgùàlà ti máa ń dùn jù. Àwọn òde òní so ó mọ́ Oòrùn, nítorí pé Kìnnìún, àmì Oòrùn, ni ìkarùn-ún nínú àwọn àmì méjìlá. Mo máa ń lo méjèèjì, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí wọ́n dà pọ̀. Ìgbádùn, àsè, ìfẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọmọ ti wà nínú ilé yìí láti àtijọ́. Ti pé kí ènìyàn ṣe ohun kan kí àwọn ẹlòmíràn sì rí i pé òun ló ṣe é, ìyẹn ni Oòrùn gbé wá. Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ ni pé láti inú ìdùnnú wa ni wọ́n ti ń jáde, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi dandan mú wa. Níbi tí ìdùnnú bá ti di dandan, ilé karùn-ún ti ń di ilé kẹfà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá wọn agbára àwọn méjèèjì. Alẹ́ ni wọ́n bí yín, Oòrùn ti wọ̀. Nínú ṣáàtì alẹ́, ọwọ́ Sátọ́ọ̀nù máa ń le ju ti ọ̀sán lọ, ohun tó sì mú ẹ̀rù ba ẹni tó ka ti yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó wà nílé ara rẹ̀, èyí sì rọ líle náà. Sátọ́ọ̀nù tó wà nílé ara rẹ̀ ń sún nǹkan síwájú, ó ń gba owó iṣẹ́ kó tó fi nǹkan sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi sílẹ̀. Oòrùn ni ipò rẹ̀ kò dára jù. Apọnmi dojú kọ Kìnnìún, ilé Oòrùn, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ dá tàn níbẹ̀, ó fẹ́ kí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́. Ìwọ̀n 4 péré ló sì wà láàárín òun àti Sátọ́ọ̀nù. Pílánẹ́ẹ̀tì tó bá súnmọ́ Oòrùn tó bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní èyí tí Oòrùn jó. Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ní bí ó bá wà nílé ara rẹ̀, jíjó náà kì í pa á. Ó kàn ń fi í pamọ́ ni. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ kì í gbọ́ ohùn Sátọ́ọ̀nù bí ẹni pé láti òde ló ti ń wá. Ẹ máa ń rò pé ohùn yín gan-an ni. Bí ẹ bá wo aṣọ tí ẹ ya tí ẹ sì ní "kò tíì tó," Sátọ́ọ̀nù ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n lẹ́nu Oòrùn ló ti jáde.

Ọdún 2022 tí ẹ dárúkọ kì í ṣe ìgbàkígbà. Sátọ́ọ̀nù ń lò bí ọdún 29 ààbọ̀ kó tó yí po. Ní 2022 ó padà sí ìwọ̀n 21 Apọnmi, ibi tó wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí yín, nínú oṣù kẹfà ọdún náà ló sì dúró ní ìwọ̀n 25, lórí Oòrùn yín, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí rìn sẹ́yìn. Ọmọ yín jẹ́ bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta nígbà náà. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí ènìyàn béèrè pé èrè kí ló wà nínú ohun tí òun ń ṣe fún ìdùnnú, bí kò bá sì sí ìdáhùn lójú ẹsẹ̀, á pa á tì. Àkókò náà ti kọjá. Ní oṣù kẹta 2023 ni Sátọ́ọ̀nù jáde kúrò nínú Apọnmi. Ìwà tó kọ́ yín lẹ́nu ìgbà náà ló kù sílẹ̀.

Bó ṣe kan àdìrẹ, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ṣáàtì rẹ̀ rí báyìí rọrùn láti mọ̀. Bí Oòrùn bá dá ṣe é, á bẹ̀rẹ̀ aṣọ mẹ́wàá, á fi gbogbo rẹ̀ hàn, kò ní parí ọ̀kan. Bí Sátọ́ọ̀nù bá dá ṣe é, á máa tún ọ̀kan ṣe títí ayé, kò ní fi han ẹnikẹ́ni. Èyí kejì ló ń ṣe yín. Ìmọ̀ràn pé "ẹ tú ara yín sílẹ̀, ẹ kàn máa gbádùn" kò wúlò fún Sátọ́ọ̀nù, ńṣe ló máa ń mú un le sí i. Ohun tí ó fẹ́ ni ààlà tó ṣe kedere, kó lè mọ ìgbà tí iṣẹ́ tán.

Ẹ wo Ìbàdàndùn, aṣọ tí àwọn ìyá wa fi àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó sí. Àwọn àpótí onígun mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ pín in sí, ọnà kọ̀ọ̀kan sì ní àpótí tirẹ̀. Ọnà tí Sátọ́ọ̀nù inú Apọnmi lè ṣe láìbínú nìyẹn. Nítorí náà, ẹ má ṣe tẹ́ odidi aṣọ sílẹ̀. Ẹ gé aṣọ funfun tí kò ju aṣọ ìnujú lọ, ẹ pín in sí igun mẹ́rin, ẹ fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ ya ọnà kan sí igun kọ̀ọ̀kan ní ìjókòó kan, kí ìjókòó náà má ju wákàtí kan lọ. Bí ẹ̀kọ bá ti gbẹ, ẹ kò gbọ́dọ̀ tún un yà mọ́. Bí igun mẹ́rin bá pé, ó di inú aró. Ẹ kọ ọjọ́ tó parí sí ìdí rẹ̀. Ìjókòó mẹ́rin, aṣọ kan. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé lẹ́yìn èkejì ẹ ó rí i pé igun àkọ́kọ́ kò dára, ẹ ó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun lórí aṣọ mìíràn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe igun kìn-ín-ní gbọ́dọ̀ wọ aró pẹ̀lú àwọn ìyókù, nítorí pé ìparí ni ẹ ń kọ́, ẹ ti mọ ọnà yíyà tẹ́lẹ̀.

Oòrùn náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Nínú ṣáàtì yín, Kìnnìún ni ilé kọkànlá, ilé ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́, Oòrùn ló sì ni ín. Onílé kọkànlá ló wá ṣe àlejò nínú ilé karùn-ún. Ẹ̀rí tí mo gbára lé jù nìyí, nítorí ó sọ ibi tí iṣẹ́ yín ti gbọ́dọ̀ hàn: láàárín ẹgbẹ́ tó mọ aró. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ àjèjì lórí fóònù kò lè rọ́pò wọn. Obìnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó mọ ẹ̀kọ tó ki jù yàtọ̀ sí èyí tó ṣàn tó. Ẹ bá wọn dá ọjọ́ kan nínú oṣù, kí ẹ gbé ohun tó bá ti parí lọ, bó ti wù kó rí. Láìsí ọjọ́ yẹn, Sátọ́ọ̀nù kò ní rí ìdí tí iṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ tán.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí. Ẹnikẹ́ni tó bá fi pílánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo dá ẹjọ́ ọmọ kò tẹ̀lé ìlànà. Ẹlẹ́rìí mẹ́rin ló kéré tán là ń pè: onílé karùn-ún, àwọn tó wà nínú rẹ̀, Júpítà tí gbogbo ènìyàn gbà pé ọ̀rọ̀ ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti Òṣùpá. Onílé yín wà nílé ara rẹ̀ pẹ̀lú agbára. Oòrùn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ gbẹ díẹ̀, kì í ṣe ẹlẹ́rìí ọ̀pọ̀ ọmọ. Júpítà wà ní ìwọ̀n 14 Òṣùwọ̀n, nínú ilé kìn-ín-ní yín, ó sì ń fi ojú rere wo Apọnmi láti ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń rìn sẹ́yìn. Òṣùpá wà nínú Àkeekèé, ọ̀kan nínú àwọn àmì omi mẹ́ta tí à ń pè ní ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ara kò rọ̀ ọ́ níbẹ̀. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ohun tí ṣáàtì ń wí ni ọmọ díẹ̀, àlàfo gígùn láàárín wọn, àti ìtọ́jú tó gba àkókò. Kò sí ibi tó ti wí pé ó parí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ dé. Ṣáàtì kò rí ilé ọmọ, kò rí àtọ̀, kò sì mọ ohun tó ń lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá ti ń wá ọmọ kejì fún oṣù 12 láìlo ìfètòsọ́mọbíbí, tí kò sì sí, ẹ lọ rí dókítà, kí ọkọ yín sì bá yín lọ fún àyẹ̀wò, nítorí pé ti ọkùnrin wọ́pọ̀. Bí ẹ bá ti pé ọmọ ọdún 35, oṣù 6 ni kí ẹ dúró mọ. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ Sátọ́ọ̀nù sún ọjọ́ yẹn síwájú.

Ní ti ọmọ tó wà nílẹ̀, ìhà méjì ló wà. Oòrùn nínú ilé karùn-ún máa ń mú kí òbí rí ọmọ bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó dára jù. Ó ń dùn mọ́ ọmọ nígbà tó bá kéré, ṣùgbọ́n ọmọ náà á tètè mọ̀ pé òun ni wọ́n ń wò nígbà gbogbo. Sátọ́ọ̀nù wá ń fi àtúnṣe kún un. Bí ọmọ bá kó búlọ́ọ̀kù lé ara wọn, ẹ ó ní, "Èyí tó tóbi ló yẹ kó wà nísàlẹ̀." Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n eré náà ti kú. Àmì tí ẹ fi máa mọ̀ pé ó ti jinlẹ̀ ni kí ọmọ máa béèrè "Ṣé ó dáa?" kó tó fi nǹkan hàn yín, tàbí kó máa fi nǹkan pamọ́ títí tí yóò fi pé. Bó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ohùn yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀ lọ nìyẹn.

Ẹ fún eré ní ààlà, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe fún aṣọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ogún ìṣẹ́jú, ẹ gbé aago sílẹ̀. Ọmọ ni yóò yan eré. Láàárín ogún ìṣẹ́jú náà, ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣàtúnṣe, ẹ kò gbọ́dọ̀ bi í ní ìbéèrè tí ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ yìn ín pé ó gbọ́n. Ìyìn náà ń wọn nǹkan. Ẹ kàn lè sọ ohun tí ẹ rí: "O ti gbé pupa lé búlúù." Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yóò ṣòro fún yín bí ẹni tó di ẹnu mọ́ omi. Ọmọ náà á máa wojú yín, á máa dúró de àtúnṣe. Bó bá ti ń tó ọ̀sẹ̀ kẹta tí kò wojú yín mọ́, ó ti gbà pé eré ni. Bojúbojú dára fún ìbẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ohun tí ẹ lè tún ṣe nínú rẹ̀. Ayò ni kí ẹ fi sílẹ̀ ná: ìṣirò pọ̀ nínú rẹ̀, Sátọ́ọ̀nù yín á sì sọ ọ́ di ilé ẹ̀kọ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ó bá sì wù yín láti kọ́ ọ ní nǹkan, ẹ kọ́ ọ ní àkókò mìíràn tí ẹ pe orúkọ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́. Ó fẹ́ mọ ẹ̀kọ yíyà? Ẹ kọ́ ọ. Sátọ́ọ̀nù jẹ́ olùkọ́ rere bí kò bá fara pamọ́ sínú eré.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ òbí ń ṣì kà. Ilé karùn-ún yín kò sọ irú ẹni tí ọmọ yín jẹ́. Bí ẹ ṣe ń ṣe òbí ló ń sọ. Ọmọ ní ṣáàtì tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti wò ó. Bí Òṣùpá tàbí Máàsì bá lágbára nínú tirẹ̀, ó lè jẹ́ pé sísáré kiri ló ń wá, tí búlọ́ọ̀kù kò sì já mọ́ nǹkankan lójú rẹ̀.

Ti ọkọ yín kò gùn. Ìfẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, ìṣeré àti ìpọ́nlé wà nínú ilé karùn-ún. Ìgbéyàwó fúnra rẹ̀ wà nínú ilé keje. Àgùàlà yín, tó ni àmì tó ń yọ, wà nínú ilé keje yẹn, nínú Àgbò, kò sì rọrùn fún un níbẹ̀: ó máa ń fẹ́ kọ́kọ́ fò, Sátọ́ọ̀nù á sì ní kó dúró de ẹni tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Àgùàlà ṣe bó ṣe mọ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ yan ọjọ́, kí ẹ pe ọkọ yín jáde, kí ẹ má sì sọ ọ̀rọ̀ owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹlòmíràn tó bá ń ka èyí lè ní pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn nínú ilé karùn-ún. Máàsì á mú kí eré di ìdíje, á sì mú kí ìfẹ́ gbóná kó sì tètè tutù. Makúrì á máa sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ju kó ṣe é lọ, ṣùgbọ́n ó mọ àlọ́ pa fún ọmọ. Òṣùpá ń ṣe iṣẹ́ ọnà bí inú bá dùn tàbí bó bá bàjẹ́, ọ̀sẹ̀ tí ara bá balẹ̀ kì í rí nǹkan ṣe. Bí ilé bá ṣófo, ẹ wá onílé rẹ̀ lọ sí ibi tó wà.

Láti ìparí oṣù kẹfà 2026 títí di oṣù keje 2027, Júpítà yóò wà nínú Kìnnìún, ilé kọkànlá yín, níwájú Oòrùn yín gan-an. Àkókò tó dára jù fún kíkó àwọn aṣọ jọ síwájú ẹgbẹ́ nìyẹn. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, tí ẹ ń parí aṣọ ìnujú kan lóṣù, aṣọ ìnujú mẹ́fà tó ti rí aró tó láti fi lọ.